Ọwọ́ ife lórí ṣáàtì, ibo ló yẹ kó wálẹ̀ dé?

"Ẹ̀gbọ́n, alágbàtà mi ní ṣíà kan ti yọ ife, ó ku ọwọ́. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Mo rí i pé ọwọ́ ọ̀hún ń jìn sísàlẹ̀, ṣé mo lè rà á? Ẹ̀pẹ́ ni mo wà."

Àbúrò, àwòrán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lórí ṣáàtì ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, owó ṣíà á rọra wálẹ̀, á ṣe roboto nísàlẹ̀ bí ìdí ife, á sì rọra gòkè padà síbi tó ti já. Ife nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á fà sẹ́yìn díẹ̀ lápá ọ̀tún fún ọ̀sẹ̀ kan, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ife nìyẹn. William O'Neil, alágbàtà ṣíà ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n, ó sì ní ife máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 7 sí 65.

Kí ló ń fa ọwọ́ yìí? Ronú ọjà ẹja Olúwo níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ̀n-ọ́n, tí owó ẹja wá já, á gbé e pamọ́. Lọ́jọ́ tí owó bá padà sí iye tó rà á, kíá ló máa tú u jáde kó lè rí owó ẹ̀ gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ra ṣíà létí ife. Bí ọwọ́ ò bá jìn, àwọn tó ń rà ti gba ẹrù wọn láìjẹ́ kí ọjà dojú dé. Bó bá jìn, ẹrù ṣì pọ̀ nílẹ̀ ju àwọn tó fẹ́ rà lọ.

Ká ní ṣíà wà ní ₦40, ó já sí ₦30, ó tún padà sí ₦40. ₦35 ni àárín ife. Bí ọwọ́ bá dúró ní ₦36.80, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi wálẹ̀, òkè àárín ló sì wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí O'Neil gba ìdá 8 sí 12 láàyè nígbà tí ọjà lápapọ̀ bá ń gòkè. Bó bá já sí ₦34, ìdá 15 nìyẹn, ó sì ti bọ́ sísàlẹ̀ àárín. Èmi ò ní fowó mi sí i. Bí o bá rà á ní ₦40.10 nígbà tó ń jáde, ìyẹn nígbà tó bá gòkè kọjá ₦40 tó jẹ́ etí ife, tó wá padà sí ìdí ọwọ́, ₦3.30 lo máa pàdánù lórí ṣíà kan nínú ti àkọ́kọ́, àmọ́ ₦6.10 ni nínú èkejì.

Wo iye ṣíà tí wọ́n ń tà pẹ̀lú. Ó yẹ kó dín kù nínú ọwọ́, kó sì pọ̀ gan-an lọ́sẹ̀ tó bá jáde. Ọwọ́ tó ń gòkè dípò kó wálẹ̀ náà kò dáa, torí àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ò tíì tà.

Nílé wa níbí, ṣíà lè já ní ìdá 10 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Torí náà, má fi ọjọ́ kan ṣèdájọ́, dúró di ìgbà tí ọjà bá parí lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó bá sì jẹ́ ṣíà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tà ni, má ka ife rẹ̀ sí rárá, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tó tà díẹ̀ lè ya ọwọ́ síbẹ̀.