Ṣé Ajinomótò ló ba ọpọlọ bàbá mi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ṣì ń gbé ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀ nígbà tí a dé ọsibítù, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọwọ́ náà ti kú pátápátá. Wọ́n ní gúlútámétì ló ń pa ọpọlọ wọn. Ṣebí òun náà ló wà nínú Ajinomótò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má dá ìkòkò ọbẹ̀ lẹ́bi. Lóòótọ́, ní 1969, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Olney, gún àwọn ọmọ eku lábẹ́rẹ́ gúlútámétì, ó sì rí i pé ó ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ọbẹ̀. Èyí tí a ń jẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ ọpọlọ. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe gúlútámétì tirẹ̀.

Òun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Sẹ́ẹ̀lì kan á tú díẹ̀ sílẹ̀, ìkejì á gbọ́, kíá ni wọ́n sì ń kó ìyókù kúrò. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé wá ni wọ́n fi ń kó o. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, tí rọpárọsẹ̀ sì kọ luni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ agbára á tán, bíi pọ́ńpù tí dísù rẹ̀ gbẹ. Iyọ̀ á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á sì tú gbogbo gúlútámétì tó tọ́jú dà síta. Àwọn tó yẹ kó máa kó o kúrò náà á tún máa dà á síta.

Ibi tó ti ń pani nìyí. Ilẹ̀kùn kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí maginíṣíọ̀mù dí bí èdìdì. Bí gúlútámétì bá pọ̀ jù, èdìdì á ṣí, kálísíọ̀mù á sì rọ́ wọlé. Kálísíọ̀mù tó wà níta fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju tinú lọ. Yóò ta àwọn èròjà tó ń gé òpó sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ jí. Sẹ́ẹ̀lì tó kú á tún da gúlútámétì tirẹ̀ lé aládùúgbò rẹ̀ lórí.

Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ lè fi kú lọ́jọ́ kejì. Àárín ọgbẹ́ inú ọpọlọ ti kú kíákíá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbé lórí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀; ibẹ̀ ni gúlútámétì tó ń dà síta náà ń dé díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ tó wú, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tó gùn sí i, lè fa irú rẹ̀ náà, nítorí náà ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n tún ya àwòrán orí. Bí orí bá fara gbọgbẹ́ nínú jàm̀bá ọkọ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ya ló ń kọ́kọ́ da gúlútámétì, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà pani.

A ti gbìyànjú oògùn tó ń dí ilẹ̀kùn yẹn. Ó já wa kulẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì tó yè náà nílò ilẹ̀kùn ọ̀hún, ìrànrán sì ń bá àwọn aláìsàn mìíràn. Kódà maginíṣíọ̀mù tí wọ́n fún àwọn aláìsàn láàárín wákàtí 2 tí rọpárọsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dé ọsibítù, kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Ṣíṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí 4.5, bí àwòrán bá fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú orí.

Ní ti bàbá, wákàtí yẹn ti kọjá. Ibà àti ṣúgà tó ga ló ń mú kí etí ọgbẹ́ náà tètè kú, nítorí náà ẹ rí i pé àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ìgbóná ara àti ṣúgà wọn déédéé, kí ẹ má sì fún wọn ní nǹkan kan lẹ́nu títí wọn ó fi yẹ ọ̀nà ọ̀fun wọn wò.