Bátìrì ìràwọ̀ 4.9 lórí ìwọ̀n ẹlẹ́ja ní Bódìjà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Mo fẹ́ ra bátìrì lítíọ́mù 12V 200Ah fún ínfátà ilé mi ní Ṣálẹ́ńjì. Ọlọ́jà méjì ni mo rí lórí ayélujára. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦410,000, ìràwọ̀ rẹ̀ 4.9. Ti ìkejì jẹ́ ₦560,000, ìràwọ̀ rẹ̀ 4.2. Ṣé kí n kúkú gba ti àkọ́kọ́ ni?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, fọwọ́ mú owó rẹ ná. Irú méjì yìí gan-an ni èmi náà rí lọ́dún tó kọjá, oní-4.9 ni mo sì rà. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé Àgbowó, inú mi dùn débi pé mo fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún lójú ẹsẹ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjà dára, ó sì tètè dé. Rántí ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn, a máa padà sí i.

Iná ń ṣe dáadáa lásìkò náà. Tó bá lọ fún wákàtí mẹ́ta, á tún dé, bátìrì ò sì rí ìdánwò kankan. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàù. Aago méje alẹ́ niná lọ. Fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan àti gílóòbù mẹ́rin ni mo tàn, gbogbo rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 150. Nígbà tó di aago kan ààbọ̀ òru, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ilé sì ṣókùnkùn.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì lítíọ́mù tí wọ́n ń pè ní 12V, fóltì 12.8 ló jẹ́. Tá a bá fi 200 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 2,560 wáàtì-wákàtí. Ohun tó ń jẹ wáàtì 150 yẹ kó lò ó fún wákàtí 17. Ká yọ èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, á ṣì tó nǹkan bíi 14. Tèmi ò pé méje.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ínfátà. A gba agbára sí bátìrì títí ó fi kún, a fi mítà wọ̀n ọ́n, ó fi fóltì 13.3 hàn, bó ṣe yẹ kó rí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ oníbàárà tó bá sọ pé “mo fi mítà wọ̀n ọ́n, ó péye” ò fi já mọ́ nǹkan kan lójú mi mọ́. Fóltì á sọ fún ọ pé kèrègbè kún, kò ní sọ bí kèrègbè ṣe tóbi tó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń so ínfátà ló wá fi ọwọ́ kan gbé bátìrì náà sókè, ló bá bú sẹ́rìn-ín. A gbé e lọ bá ìyá tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Bódìjà, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá wa ní ìwọ̀n wọn. (“Ṣé ẹ fẹ́ fi bátìrì se ọbẹ̀ ni?” Ohun tí ìyá náà bi wá nìyẹn.) Kílò 11 ló wọ̀n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ló ń gbé iná pamọ́, wọ́n sì wúwo: 100Ah irú bátìrì yìí máa ń tó kílò 10 sí 12, 200Ah máa ń tó 20 sí 25. Ọjà 100Ah tí wọ́n lẹ bébà 200Ah mọ́ ni mo gbé sílé. Ọjọ́ méje tí wọ́n fún mi láti dá a padà sì ti kọjá.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó ka ohun tó yẹ kí n ti kà kí n tó sanwó. Ọ̀rọ̀ oníbàárà 63 ló wà níbẹ̀. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó dé kẹ́yìn, mo wá ń wo ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n. Mọ́kànlélógójì jáde láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ta ló ń ta bátìrì olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ níyára tó yẹn, tí ọjà á wá kú lójijì? Mẹ́ta nínú wọn fi àwòrán sí i, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀, àmọ́ aṣọ tábìlì kan náà ló wà lábẹ́ bátìrì, tòun ti àbàwọ́n tó wà létí rẹ̀.

Mẹ́rìnlá mìíràn ń yin “bó ṣe ń dún ketekete”. Bátìrì wo ló ń dún? Ohun àfetígbọ́ ni wọ́n ti ń tà lójú ìwé yẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n yí àwòrán àti orúkọ ọjà padà, ìràwọ̀ àtijọ́ wá dúró síbẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú àwọn mẹ́rìnlá yìí pé wọ́n ra ọjà náà lóòótọ́. Òótọ́ ni, wọ́n rà á. Ọjà mìíràn ni wọ́n rà.

Ó ku mẹ́jọ. Mẹ́fà nínú wọn kọ tiwọn lọ́jọ́ tí ọjà dé, èmi náà sì wà lára wọn. Ẹni méjì péré ló ti lò ó tó oṣù kan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún un, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ: kì í di òru. Nígbà tí mo fẹ́ rà á, mo rò pé ọ̀tá ọlọ́jà ni wọ́n.

Tí o bá fẹ́ wo oní-4.2 tìrẹ, bí mo ṣe wo ìkejì tèmi nìyí. Ọ̀rọ̀ 118 ni, wọ́n fọ́n ká sí nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Àwọn olójú ìràwọ̀ kan àti mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ kà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń bínú pé páálí ya, tàbí pé ọjà sùn sí Èkó fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹnì kan ní bátìrì òun kú lóṣù kejì. Ọlọ́jà dáhùn lábẹ́ rẹ̀ pé kó dá a padà, ẹni náà sì padà wá kọ ọ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ fóun. Ẹ̀sùn onídìlífárì ò lè pa iná ilé mi. Ẹ̀sùn “kì í di òru” lè pa á.

Lálẹ́ òní, ní kí àwọn méjèèjì gbé bátìrì sórí ìwọ̀n, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ òní sórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ fún ọ. Ní tèmi, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí n gba Ọlọ́run gbọ́. Bó bá fúyẹ́, sá fún un. Bó bá wúwo, má tíì jó, torí àwọn kan máa ń da yanrìn sínú rẹ̀, àwọn mìíràn ń kó sẹ́ẹ̀lì àlòkù sí i. Nítorí náà, béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n gbà fún ìdápadà kí o tó sanwó, kí o sì dán an wò lálẹ́ tó bá kọ́kọ́ kún: yọ wáyà iná ìjọba, tan nǹkan tí o mọ iye wáàtì rẹ̀, kọ aago sílẹ̀.

Èmi tan ẹrù wáàtì 150 yẹn ní aago méje alẹ́ lórí ìkejì tí mo rà. Nígbà tó di aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú lówùúrọ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo pa á torí mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́.