Ọ̀rẹ́ mi gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, ọkàn mi sì bàjẹ́

Ìbéèrè: Alfa wa, asàláàmù aléékúmù. Àjàṣẹ́ ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Wandó. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ bẹ̀rẹ̀ òwò ni, orí ni a fi ń ru aṣọ kiri nígbà náà. Ó ti ní ìsọ̀ méjì báyìí, ó ti kọ́lé, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà, ó wá fún mi ní tẹ̀sùbáà àti omi samsam, ọkàn mi sì bàjẹ́ débi pé n kò lè ṣàdúrà fún un. Oníwàásù kan sọ ní àsàláátù wa pé onílara kò ní ìrun, kí ó lọ tún gbogbo rẹ̀ kí. Àbúrò ọkọ mi wá mú mi lọ sọ́dọ̀ alfa kan tí ó tẹ yanrìn, ó ní ọ̀rẹ́ mi ló ń lo ìràwọ̀ mi, pé ohun tí ọkàn mi ń sọ fún mi nìyẹn. Ó ní kí n mú 60,000 sẹ́fà àti àgbò kan wá kí ó lè gbà á padà. Mo ti san 20,000. Ìyá tèmi wà ní Kétu, mo ń fowó ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo fojú kàn wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìrun mi ti bàjẹ́? Kí ni ọkàn mi ń sọ gan-an?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàláàmù, arábìnrin mi. Ìrun yín kò bàjẹ́, ẹ má sì tún ìkankan kí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìlànà Ìmáàmù Màlík tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, àwọn ohun tí ń ba ìrun jẹ́ ni a ti kà sílẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-kéú pàápàá sì mọ̀ wọ́n, bíi kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìrun tàbí kí àlùwàlá rẹ̀ bàjẹ́. Ìlara kò sí nínú wọn. Ibi tí ìlara wà nínú ìwé Akídárì ni ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan àlùwàlá, níbi tí ó ti ka àwọn ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, pẹ̀lú irọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, òfófó àti ìgbéraga. Èèwọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèwọ̀ ni ó ń ba ìrun jẹ́. Ó dà bíi pé hádíìsì tí Abú Dáwúdà gbà wá ni oníwàásù yín gbára lé, èyí tí ó sọ pé ìlara a máa jẹ iṣẹ́ rere bí iná ti ń jẹ igi ìdáná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ hádíìsì ni ó sọ pé ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò lágbára, nítorí ẹnì kan wà láàárín àwọn tí ó gbà á wá tí a kò mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ lágbára, ọ̀rọ̀ ẹ̀san ni ó ń sọ, kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tún ìrun kí. Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n kó àwọn ìyá jọ, tí wọ́n sì gbé ìrun ọ̀pọ̀ ọdún kà wọ́n lórí láìsí ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rù kọ́ ènìyàn, ohun tí Ànábì fi dẹ́rù bà wá ni kó lò, kó má dá tirẹ̀ kún un.

Nípa ohun tí ó wà lọ́kàn yín, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nínú hádíìsì tí Bùhárì àti Mùsílímù gbà wá pé Ọlọ́hun ti mójú kúrò nínú ohun tí ọkàn àwọn ìjọ òun bá ń sọ fún wọn, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì fi ṣe iṣẹ́ tàbí kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́. Bí àyà yín ti gbóná nígbà tí ẹ rí tẹ̀sùbáà yẹn, ẹ kọ́ ni ẹ pè é wá, a kò sì níí bi yín léèrè pé ó dé. Ohun tí a ó bi yín léèrè ni bí ẹ ti ṣe pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn tí ó dé. Nínú Súúrà Falaki, a tọrọ ìṣọ́ nínú aburú onílara, a sì fi kún un pé nígbà tí ó bá ṣe ìlara, àwọn onímọ̀ sì fa á yọ láti inú gbólóhùn yẹn pé ìgbà tí ìlara bá di iṣẹ́ ni aburú rẹ̀ ń jáde sí ẹlòmíràn.

Ìbéèrè kan wà tí Ìmáàmù Gàsálì fi ń ya ìlara tí ó jẹ́ èèwọ̀ sọ́tọ̀, n ó sì fẹ́ kí ẹ bi ara yín nígbà tí ẹ bá dá wà. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ni wọ́n fi í sí, tí ẹ lè mú kí ìrìn-àjò Mẹ́kà yẹn má ṣeé ṣe, kí ìyá ọ̀rẹ́ yín jókòó sílé, ṣé ẹ ó ṣe é? Bí ọkàn yín bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, èèwọ̀ náà nìyẹn, ẹ túúbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wí pé rárá o, kí ìyá náà lọ, kí tèmi náà lè lọ, ohun mìíràn ni ẹ gbé lọ́wọ́, èèwọ̀ kọ́. Láti inú ohun tí ẹ kọ, ó dá mi lójú pé ti ìkejì yìí ni ó pọ̀ nínú tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tálákà nínú àwọn tí ó ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà tọ Ànábì wá lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn olówó ti kó gbogbo ẹ̀san lọ: wọ́n ń kírun bí a ti ń kírun, wọ́n ń gbààwẹ̀ bí a ti ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí owó fi ṣe sàráà, àwa kò rí. Ẹ wo bí wọ́n ti mọ ibi tí ó ń dùn wọ́n. Wọn kò mẹ́nu kan ilé àwọn olówó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ wọn tàbí aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Ànábì kò pè wọ́n ní onílara, kò sì ní kí wọ́n tún ìrun kí. Ó kọ́ wọn ní ohun tí ọwọ́ wọn lè tó, èyíinì ni súbúhánálàhí, alihamidulilahi àti Àlááhù Akúbárù lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù jẹ́ 33. Nígbà tí àwọn olówó gbọ́, tí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, tí àwọn tálákà sì padà wá sọ ọ́, ó ní oore Ọlọ́hun nìyẹn, ẹni tí ó wù ú ni ó ń fún.

Ẹ wá wo tiyín bí àwọn wọ̀nyẹn ti wo tiwọn. Ìsọ̀ méjì kò dùn yín, ilé kò dùn yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ọlá ọ̀rẹ́ yín ni ọkàn yín kò fẹ́, ọjọ́ tí ó ṣí ìsọ̀ kejì ni àyà yín ì bá ti gbóná, nítorí òwò kan náà ni ẹ jọ ń ṣe, Gàsálì sì ti sọ pé oníṣòwò ni ó ń ṣe ìlara oníṣòwò, onímọ̀ sì ni ó ń ṣe ìlara onímọ̀. (Àwa alfa gan-an mọ èyí, ó sì wà láàárín wa púpọ̀.) Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan ìyá ni ọkàn yín tó bàjẹ́. Ní ìparí ìwé yín, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi yín, ẹ kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹ fojú kan ìyá yín. Ibẹ̀ ni ọkàn yín ń tọ́ka sí. Gbèsè kan ni ó ń rán yín létí, ọ̀rẹ́ yín kọ́ ni ẹ sì jẹ ẹ́.

Ẹ má rò pé gbèsè náà ni pé kí ẹ gbé ìyá yín lọ sí Mẹ́kà. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Ìmúrána pé ẹni tí ó bá ní agbára ọ̀nà ni Hájì jẹ́ ọ̀ranyàn lé lórí. Bí ìyá yín kò bá ní i, kò sí lọ́rùn wọn, kò sì sí lọ́rùn yín láti ṣe é fún wọn. Ohun tí ó wà lọ́rùn yín nínú ìlànà wa ni kí ẹ gbọ́ bùkátà wọn bí wọn kò bá ní tiwọn tí ẹ̀yin sì ní, àti dídára sí wọn, èyí tí owó nìkan kò lè ṣe parí. Ọkùnrin kan wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Ànábì láti jáde lọ sógun ẹ̀sìn. Ànábì bi í bí àwọn òbí rẹ̀ bá wà láàyè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Ànábì sì ní kí ó lọ fi ọ̀dọ̀ wọn ṣe ojú ogun rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó ń gba Sàkété àti Pọ́bẹ̀ lọ sí Kétu kò ṣòro láti rí ní Àjàṣẹ́. Ẹ lọ, kí ẹ sùn níbẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ara yín se oúnjẹ fún wọn, kí ẹ sì bi wọ́n ohun tí wọ́n ń fẹ́, nítorí ó lè má jẹ́ Mẹ́kà rárá.

N kò sọ pé gbogbo ìlara ni ó ní irú èyí lẹ́yìn o. Ẹlòmíràn wà tí yóò rí ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí, tí ara rẹ̀ kò níí balẹ̀ títí ohun náà yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà. Irú ìyẹn kò ń tọ́ka sí ohunkóhun ju àìtẹ́lọ́rùn pẹ̀lú ìpín Ọlọ́hun lọ, oògùn rẹ̀ sì le ju èyí lọ. Bí ẹ bá ti Kétu dé, tí ẹ ti ṣe ohun tí ó yẹ fún ìyá yín, tí àyà yín sì ṣì ń gbóná bí ẹ bá rí ọ̀rẹ́ yín, nígbà náà ni kí ẹ tún wá bá mi.

Mo wá sórí ọ̀rọ̀ yanrìn, tí ó bà mí lẹ́rù ju ìlara yín lọ. Ẹ̀dá kan kì í lo ìràwọ̀ ẹ̀dá mìíràn. Ọlọ́hun ní nínú Súúrà Súkúrúfù pé Òun ni Òun pín ìjẹ-ìmu wọn láàárín wọn, Òun sì gbé apá kan ga ju apá kan lọ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò bá yín gba ìràwọ̀ padà, ohun tí ó ń sọ ni pé òun lè tún ìpín yẹn pín. Ẹ wo ohun tí ó fẹ́ sọ yín dà pẹ̀lú: èrò lásán ni ó wà lọ́kàn yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni ó ní kí ẹ sanwó kí oore lè kúrò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín. Ìlara tí a fi ṣe iṣẹ́ nìyẹn, tí a ń tọrọ ìṣọ́ kúrò nínú rẹ̀. Mùsílímù sì gba hádíìsì wá pé ẹni tí ó bá lọ bi aríran léèrè nǹkan, a kò níí gba ìrun rẹ̀ fún òru 40. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ẹ̀san rẹ̀ ni kò níí rí, ọ̀ranyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìrun sílẹ̀, ẹ má sì tún un kí. Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ẹ wí gbólóhùn ẹ̀rí méjèèjì, kí ẹ sì túúbá. Ẹ má san 40,000 tí ó kù, ẹ má mú àgbò lọ. Ẹ lè béèrè 20,000 yín padà, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀, ẹ má bá a jà.

Nípa ọ̀rẹ́ yín, ẹ máa wí pé kí Ọlọ́hun fi bárákà sí i, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí i tàbí tí ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó wà nínú Mùwátà Ìmáàmù Màlík pé sàhábé kan tí ń jẹ́ Ámírù rí sàhábé ẹgbẹ́ rẹ̀, Sáhálù, níbi tí ó ti ń wẹ̀, Ámírù ní òun kò rí irú awọ ara báyìí rí, Sáhálù sì ṣubú lulẹ̀. Ànábì bi Ámírù pé kí ló dé tí ọ̀kan nínú yín ń pa arákùnrin rẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí o tọrọ bárákà fún un. Bí ó bá kọ́kọ́ wúwo lẹ́nu yín, ẹ wí i bẹ́ẹ̀. Ẹ sì máa ṣàdúrà fún un nígbà tí kò sí níbẹ̀, nítorí màláíkà kan wà tí yóò máa wí pé àmín, kí ìwọ náà rí irú rẹ̀.

Ẹ má lọ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín fún un, kò níí ṣe é ní àǹfààní, ó sì lè ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni ní ọjà Wandó, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni náà kí ẹ sì sọ fún un pé irọ́ ni.