Òrìṣà tó di mọ́ńkì: Haṣímánì àti àwọn ọba Jàpáàní

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé ará Jàpáàní kan náà a máa lọ sí ojúbọ Ṣintó, a tún máa lọ sí tẹ́ńpìlì Búdà. Ṣé méjèèjì ò bára wọn jà ni? Àǹfààní wo ló sì ṣe fún àwọn ọba wọn?"

Ẹ jẹ́ kí n fi Haṣímánì dáhùn. Kámì ni nínú Ṣintó, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Jàpáàní, ìyẹn irú ohun tí àwa ń pè ní òrìṣà, ojúbọ rẹ̀ tó lókìkí jù sì wà ní Úsà, ní erékùṣù Kíúṣù.

Láàárín 735 sí 737, ilẹ̀gbóná pa èèyàn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní Jàpáàní. Ọba Ṣómù gbà pé ààbò Búdà ni ìlú nílò. Ní 743, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi idẹ da ère Búdà gàgàrà kan, Nárà, olú ìlú rẹ̀, ni wọ́n sì wá dà á sí nígbẹ̀yìn. Ère náà ga tó mítà 15, wúrà tí wọ́n máa fi bò ó kò sì tó. Ibẹ̀ ni Haṣímánì ti sọ̀rọ̀ láti Úsà: òun yóò kó gbogbo kámì sòdí láti ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ní 749, wọ́n rí wúrà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n gbé Haṣímánì wá sí Nárà tayọ̀tayọ̀. Obìnrin tó jẹ́ abọrẹ̀ rẹ̀ ti fárí, ó ti di ajẹ́jẹ̀ẹ́ Búdà, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ abọrẹ̀ sílẹ̀.

Lójú tèmi, èrè ọba wà níbẹ̀. Àlejò ni Búdà, òkè òkun ló ti wá. Bí òrìṣà onílé bá fúnra rẹ̀ wá kí i káàbọ̀, ta ni yóò tún sọ pé ọba ta àṣà baba rẹ̀ nù?

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé òrìṣà wá sí ààfin ti fún òrìṣà náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ní 769, iṣẹ́ kan wá láti Úsà pé kí wọ́n fi mọ́ńkì kan, ìyẹn ọkùnrin tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà, tó ń jẹ́ Dókíyò, jọba. Ọbabìnrin Ṣótókù, ọmọ Ṣómù, fẹ́ràn mọ́ńkì náà púpọ̀. Ó rán ìjòyè rẹ̀ kan, Kíyómárò, lọ béèrè wò. Èsì tí Kíyómárò mú bọ̀ ni pé ọmọ ìdílé ọba nìkan ló lè jọba. Wọ́n lé e kúrò nílùú nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọbabìnrin wàjà ní 770, wọ́n pe Kíyómárò padà, Dókíyò ló wá kan láti lọ.

Lẹ́yìn náà ni àwọn mọ́ńkì ń kọ́ni pé òjìji Búdà ni kámì jẹ́. Ó lè rán yín létí Ṣàngó àti Santa Bábárà ní Kúbà, àmọ́ àwọn ẹrú ló ṣe tiwọn níbẹ̀ láti fi pa òrìṣà mọ́ lójú olówó wọn. Ní Jàpáàní, ààfin ló ṣe é ní gbangba. Ní 1201, agbẹ́gilére kan, Káíkéì, gbẹ́ ère Haṣímánì bíi mọ́ńkì tó fárí, fún ojúbọ rẹ̀ ní Nárà.

Ní 1868, ìjọba tuntun fẹ́ kí Ṣintó nìkan máa gbé ọba ró, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ya Ṣintó àti ẹ̀sìn Búdà sọ́tọ̀. Wọ́n fòfin de orúkọ oyè ẹ̀sìn Búdà tí wọ́n ti ń pe Haṣímánì láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n gbé ère Káíkéì kúrò ní ojúbọ náà lọ sí tẹ́ńpìlì Tódáíjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tó wà títí di òní.