Ìdí tí owó wúrà kò fi tíì pé

“Mo ra owó ẹyọ wúrà kan lọ́wọ́ oníṣòwò. Iye wúrà lọ́jà ti kúrò ní 100, ó ti di 106, síbẹ̀ owó tí wọ́n fẹ́ fi rà á padà kò tó èyí tí mo san. Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?”

Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìrẹ́jẹ rárá. Oníṣòwò a máa tà ju iye ọjà lọ, a sì máa rà padà ní iye tó rẹlẹ̀ sí i. Àlàfo àárín méjèèjì ni èrè rẹ̀. Ká ní 105 ni ẹ san, tí ó sì ń rà padà ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà: bí ọjà bá wà ní 106, 102.82 ni yóò kàn yín. Bí ẹ bá pín 105 sí 0.97, ẹ ó rí nǹkan bí 108.25, ibẹ̀ sì ni ọjà gbọ́dọ̀ dé kí owó yín tó pé.

Èyí tó wọn gírámù kan ṣoṣo ló máa ń ni olówó kékeré lára jù, nítorí pé owó iṣẹ́ àti ti ìdì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti ńlá. Bí wọ́n bá tà á ní 115, tí wọ́n ń rà á padà ní ìdá 95, ọjà ní láti kọjá 121. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye tí wọn yóò fi ra ohun kan náà padà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí oníṣòwò bá ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ìbéèrè yẹn, èmi kì í rà.