Lógò mẹ́rin tí kò tò dọ́gba nínú PowerPoint

"Mo to lógò mẹ́rin sísàlẹ̀ síláìdì, mo tẹ Distribute Horizontally, ni wọ́n bá fọ́n ká dé etí síláìdì. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́. Align to Slide ló wà ní títàn. Ẹ tẹ Ctrl+Z, ẹ yan lógò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ lọ sí Picture Format, Align, kí ẹ mú Align Selected Objects. Ẹ wá tẹ Align Middle, lẹ́yìn náà Distribute Horizontally.

Báyìí, lógò àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn kò ní kúrò lójú kan, ti àárín nìkan ló máa sún. Torí náà, àwọn méjì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sáyè wọn. Ká ní ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, tí ti ìkẹyìn parí ní 31, tí ìbú wọn sì jẹ́ 5, 4, 7 àti 3. Láti 3 dé 31 jẹ́ 28, àpapọ̀ ìbú jẹ́ 19, ó ku 9, àlàfo mẹ́ta ló wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 3. Bí nǹkan tí ẹ yàn kò bá tó mẹ́ta, Distribute kò ní ṣeé tẹ̀.

Bí kò bá ṣì dọ́gba lójú yín, ẹ tẹ lógò kan kí ẹ wo àpótí tó yí i ká. Ọ̀pọ̀ lógò PNG ló ní òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́, etí àpótí yẹn sì ni PowerPoint ń wọ̀n. Ẹ fi Crop gé òfìfo náà kúrò, kí ẹ tó tún un tò.