Ohun tó yẹ kó wà níwájú lébẹ̀ẹ̀lì ìgò róbótó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pà lílọ̀ olóyin ni mo ń ṣe tà nínú ìgò róbótó. Ẹni tó ń ya lébẹ̀ẹ̀lì fún mi ní kí n fi orúkọ àti àwòrán oyin nìkan síwájú, kí n kó gbogbo ọ̀rọ̀ òfin sẹ́yìn kí iwájú lè rẹwà. Ṣé ó tọ́? Báwo ni kí n ṣe tò wọ́n?

Ìdáhùn: Kò tọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ dá iṣẹ́ náà dúró kí wọ́n tó tẹ ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ lébẹ̀ẹ̀lì tí kò ṣeé lò, torí ẹnì kan sọ fún wọn pé iwájú wà fún ẹwà, ẹ̀yìn wà fún òfin. Iwájú gan-an ni òfin kọ́kọ́ ń wò. Ìlànà oúnjẹ tí àjọ FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé sọ pé orúkọ oúnjẹ àti ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tó hàn, kí ojú sì lè rí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ tí wọ́n ń wí ni ohun tí oúnjẹ náà jẹ́, ìyẹn ẹ̀pà lílọ̀ olóyin. Orúkọ tí ẹ sọ ilé iṣẹ́ yín kò lè dípò rẹ̀. Ìwọ̀n náà sì jẹ́ ti ẹ̀pà lílọ̀ olóyin náà nìkan, láìka ìgò àti ìdérí rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni bí wọ́n ṣe ń wọn iwájú ìgò róbótó. Ká ní ìgò yín fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, àyíká rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 22. Ayàwòrán yóò tẹ́ 22 yìí sójú kọ̀ǹpútà, yóò pín in sí méjì, yóò sì pe 11 ní iwájú. Ṣùgbọ́n ìgò kì í tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àyíká ni òfin kà sí iwájú ìgò róbótó, èyí tí kò pé sẹ̀ǹtímítà 9 lórí ìgò yín. Bí wọ́n bá wá kọ ìwọ̀n náà sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, yóò yí wọ ẹ̀gbẹ́ ìgò lọ, ẹni tó dúró níwájú pẹpẹ kò sì ní rí i. Ẹ tẹ lébẹ̀ẹ̀lì náà sórí ìwé lásán, ẹ gé e, ẹ fi wé ìgò, ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìwọ̀n ojú yín, kí ẹ sì kà á láìfọwọ́ kàn án. Ohunkóhun tí ẹ kò bá lè kà tán kò sí níwájú.

Àwòrán oyin yẹn náà ní gbèsè tó ń fà. Bí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán bá ti gbé èròjà kan ga, ìlànà FAO àti WHO yẹn ní kí ẹ sọ iye rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀pà gíráàmù 1,700, oyin 180, òróró 100 àti iyọ̀ 20 ṣe é, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,000, oyin sì jẹ́ ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ ọ́ báyìí nínú àkójọ èròjà: ẹ̀pà, oyin (9%), òróró, iyọ̀. Èyí tó wúwo jù nígbà tí ẹ ń pò ó ló ń ṣáájú. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé oyin síwájú ẹ̀pà nítorí pé òun ló ń tà á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó àwọn ọ̀rọ̀ tó kù sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú: àkójọ èròjà, ìkìlọ̀ pé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ara wọn kò gbà á, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì yín. Ẹ má fi òdòdó là wọ́n láàárín. Ní ti bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ilẹ̀ Yúróòpù ní kí gíga lẹ́tà kékeré «x» má dín ní mìlímítà 1.2 lórí ìgò tó tóbi bíi tiyín. Iye tiyín lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ fi àwòrán náà han àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ lórílẹ̀-èdè yín kí ẹ tó sanwó ìtẹ̀wé; èsì wọn ló borí ohun tí mo kọ síbí.

Ẹ fi àyè funfun sílẹ̀ fún ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà ìgbà tí ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí etí tí lébẹ̀ẹ̀lì ti ń gun ara rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá sì ti tẹ ọjọ́ náà, ẹ ki ìka bọ òróró ẹ̀pà, kí ẹ fi nù ún. Bí yíǹkì bá ṣí, ẹ wá yíǹkì mìíràn.